Kí ni àyẹ̀wò Hausman ń bi wá gan-an? Àlàyé lórí ipa dídúró àti ipa àbápàdé

Ẹni tó bá ti ka iṣẹ́ àṣekágbá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọrọ̀ ajé tàbí ti ìṣirò owó ní yunifásítì wa yóò ti pàdé gbólóhùn kan tó máa ń jókòó sí orí kẹrin: “A ṣe àyẹ̀wò Hausman. Nítorí pé p kéré sí 0.05, ipa dídúró ni a lò.” Lẹ́yìn náà ni wọ́n á bọ́ sórí tábìlì. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń kọ ọ́ ni kò lè sọ ohun tí àyẹ̀wò náà bèèrè, àwọn tó ń kà á kì í sì í fẹ́ bi wọ́n. Ó yẹ kí wọ́n bi wọ́n, torí pé ìpinnu kan ṣoṣo yẹn lè yí èsì padà débi tí ìtàn tí ìwádìí náà ń sọ fi máa di òmíràn.

Àkọsílẹ̀ kan tó gbajúmọ̀ láàárín àwọn olùkọ́ ẹ̀kọ́ yìí ni mo fẹ́ fi ṣe àlàyé. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin 545 ní Amẹ́ríkà ni wọ́n tọ̀ lẹ́yìn láti ọdún 1980 sí 1987. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń kọ iye tí oníkálùkù ń gbà ní wákàtí kan sílẹ̀, bóyá ó wà nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, bóyá ó ti gbéyàwó, iye ọdún tó ti fi ṣiṣẹ́ àti iye ọdún tó lò ní ilé ìwé. Francis Vella àti Marno Verbeek tẹ iṣẹ́ jáde lórí wọn ní ọdún 1998, àkọsílẹ̀ náà sì ti wọ inú ìwé ẹ̀kọ́ láti ìgbà náà. Ìbéèrè tí a ó fi bi í kò le: bí òṣìṣẹ́ bá wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ṣé owó rẹ̀ máa ń pọ̀ sí i, èló sì ni?

## Kí ló ń jẹ́ àkọsílẹ̀ pánẹ́ẹ̀lì?

Bí a bá bi èèyàn 545 ní ìbéèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, a ti gba èsì lásán, kò tíì di pánẹ́ẹ̀lì. Bí a bá bi 545 mìíràn lọ́dún tó tẹ̀ lé e, kò tíì dé ibẹ̀ náà. Ìgbà tí a bá padà sọ́dọ̀ àwọn èèyàn kan náà lọ́dọọdún ni àkọsílẹ̀ wa tó di pánẹ́ẹ̀lì. Níbi tí à ń wò yìí, èèyàn 545 ní ọ̀nà ọdún 8 jẹ́ ìlà 4,360. Ó lè jẹ́ ilé iṣẹ́, báńkì, ìpínlẹ̀ tàbí orílẹ̀-èdè ni a ń tọ̀ lẹ́yìn dípò èèyàn. Ọgbọ́n kan náà ni.

Àǹfààní ibẹ̀ ni pé a lè wo ẹnì kan náà ní ọdún tó wà nínú ẹgbẹ́ àti ní ọdún tí kò sí níbẹ̀. Orí èyí ni gbogbo ọ̀rọ̀ yòókù dúró lé.

## Kí ló burú nínú kí a kàn pa gbogbo rẹ̀ pọ̀?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣe bí ẹni pé ìlà 4,360 yẹn jẹ́ èèyàn 4,360 tí kò mọra. A ṣe rígírẹ́ṣọ̀n, a fi owó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wé ti àwọn tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́, a sì rí 0.182. Lọ́ọ̀gì ni wọ́n fi kọ owó náà, nítorí náà nọ́ńbà yìí túmọ̀ sí pé owó ọmọ ẹgbẹ́ fi nǹkan bí ìdá 18 nínú 100 ju ti ẹlòmíràn lọ, lẹ́yìn tí a ti ka ilé ìwé, ẹ̀yà, iye ọdún lẹ́nu iṣẹ́ àti ìgbéyàwó sí i.

Ìdá 18 pọ̀. Ṣùgbọ́n ta ni à ń fi wé ta? Ọkùnrin kan lè jẹ́ ẹni tó já fáfá, tó máa ń tètè dé ibi iṣẹ́, tí ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́ nídìí ẹ̀rọ. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ilé iṣẹ́ ńlá tó ní ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ máa ń yàn. Bí kò bá tilẹ̀ sí ẹgbẹ́ kankan níbẹ̀, owó rẹ̀ yóò ṣì ju ti àwọn ojúgbà rẹ̀ lọ. Kò sí òpó kan nínú àkọsílẹ̀ wa tí wọ́n kọ “já fáfá” sí. Ohun tí a kò kọ yìí, tó ń bá ẹni náà gbé láti ọdún dé ọdún láì yí padà, ni mo ń pè ní àdámọ́ nínú àlàyé yìí. Nígbà tí a pa ìlà gbogbo pọ̀, iṣẹ́ tí àdámọ́ ṣe ni a kà sí iṣẹ́ ẹgbẹ́.

Ìlànà méjèèjì tí a fẹ́ sọ gbà pé àdámọ́ wà. Méjèèjì ló sì gbà pé kì í yí padà. Ibi tí ọ̀nà wọn ti pínyà ni ohun tí wọ́n gbà gbọ́ nípa bí àdámọ́ ṣe bá ohun tí à ń wọ̀n tan.

## Kí ni ipa dídúró ń ṣe sí àdámọ́?

Ó ń yọ ọ́ dànù pátápátá. Ọ̀nà tó ń gbà ṣe é kò ṣòro: fún ọkùnrin kọ̀ọ̀kan, a ó wá ìpíndọ́gba owó rẹ̀ láàárín ọdún 8, a ó sì yọ ọ́ kúrò nínú owó ọdún kọ̀ọ̀kan. A ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún jíjẹ́ ọmọ ẹgbẹ́, fún ìgbéyàwó àti fún gbogbo ohun yòókù. Nítorí pé àdámọ́ kì í yí padà, ìpíndọ́gba rẹ̀ àti òun fúnra rẹ̀ ọgbọọgba ni. Bí a bá yọ ọ̀kan lára èkejì, òdo ló kù. Ohun tó ṣẹ́ kù ni ìyàtọ̀ láàárín ẹnì kan àti ara rẹ̀: èló ló ń gbà ní àwọn ọdún tó wà nínú ẹgbẹ́, èló ló ń gbà ní àwọn ọdún tí kò sí níbẹ̀?

Lórí kọ̀ǹpútà, `fe` ni wọ́n ń pe ìlànà yìí. Nígbà tí a lò ó fún àwọn ọkùnrin 545 wa, ìdá 18 já wálẹ̀ di 0.080, ìyẹn ìdá 8 nínú 100. Ìgbéyàwó, tó jẹ́ 0.108 tẹ́lẹ̀, di 0.047.

Owó kékeré kọ́ ni a san fún èyí o. Ọkùnrin tó wà nínú ẹgbẹ́ ní gbogbo ọdún 8, tàbí tí kò wọ ibẹ̀ rí, kò ní ohun tó lè sọ fún wa mọ́ nípa ẹgbẹ́, torí pé bí a bá yọ ìpíndọ́gba rẹ̀, òdo ni yóò kù. Àwọn tó wọlé tàbí tó jáde láàárín ọdún wọ̀nyẹn nìkan ni èsì rọ̀ mọ́. Èyí tó tún dunni jù ni pé ilé ìwé pòórá. Iye ọdún tí ọkùnrin kọ̀ọ̀kan lò ní ilé ìwé kò yí padà nínú àkọsílẹ̀ náà, nítorí náà òun àti àdámọ́ jọ bá omi lọ. Bó bá jẹ́ èrè ẹ̀kọ́ gan-an ni ìbéèrè yín, `fe` kò ní fún yín lésì.

## Ipa àbápàdé ńkọ́?

Òun kì í yọ gbogbo rẹ̀ dànù. Ó ń wo àdámọ́ bí ohun tó kàn bá oníkálùkù bí ìpín, tí kò ní í ṣe pẹ̀lú bóyá ó wọ ẹgbẹ́ tàbí kò wọ̀ ọ́, bóyá ó gbéyàwó tàbí kò gbé e. Bó bá rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, kò sí ìdí tí a ó fi ju ìmọ̀ tó wà nínú ìyàtọ̀ láàárín ènìyàn méjì nù. Ohun tí ìlànà `re` ń ṣe ni pé ó ń yọ apá kan ìpíndọ́gba, ó sì ń fi apá kan sílẹ̀. Ìwọ̀n tó ń yọ ni wọ́n ń fi lẹ́tà `theta` kọ. Bí `theta` bá jẹ́ 0, a kò yọ nǹkan kan, a ti padà sí ìpapọ̀ ti àkọ́kọ́ nìyẹn. Bó bá jẹ́ 1, a ti di `fe`.

Fún àwọn ọkùnrin 545 wọ̀nyí, `theta` jẹ́ 0.643. Ẹ wo ibi tí èsì wá bọ́ sí: ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ di 0.106. Ó wà láàárín 0.182 àti 0.080, ó sì sún mọ́ `fe` jù. Ìgbéyàwó náà bọ́ sí àárín, 0.064. Ilé ìwé sì padà wá: ọdún kan sí i ní ilé ìwé bá owó tó fi bí ìdá 9 nínú 100 pọ̀ sí i rìn.

Àwọn kan máa ń sọ pé bí a bá ṣà àwọn èèyàn wa láti inú ọ̀pọ̀ èrò láì ṣojúsàájú, `re` ló yẹ, bí kò bá sì rí bẹ́ẹ̀, `fe`. Èyí kò tọ̀nà níbi tí à ń wí yìí. Ẹ lè ṣa èèyàn bó ti wù kó dára tó, kí àwọn tó já fáfá láàárín wọn ṣì jẹ́ àwọn tó pọ̀ jù nínú ẹgbẹ́. Ìbéèrè tó ṣe kókó ni bóyá àdámọ́ àti ohun tí à ń wọ̀n jọ ń rìn.

## Kí ni àyẹ̀wò Hausman wá ń bèèrè?

Ẹ fojú inú wo òṣùwọ̀n méjì lọ́jà. Àkọ́kọ́ kì í ṣojúsàájú, ì báà jẹ́ orí ilẹ̀ títẹ́ tàbí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni a gbé e kà, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ rẹ̀ máa ń gbọ̀n. Èkejì dúró ṣinṣin, abẹ́rẹ́ rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ mì, àmọ́ orí ilẹ̀ títẹ́ nìkan ló ti ń sọ òtítọ́. A kò rí ilẹ̀ abẹ́ wọn. A gbé iṣu kan náà sórí méjèèjì. Bí iye tí wọ́n sọ bá sún mọ́ra, kò sí ẹ̀rí pé ilẹ̀ dagun, ẹ mú èyí tó dúró ṣinṣin. Bí ìyàtọ̀ wọn bá pọ̀ ju ohun tí gbígbọ̀n abẹ́rẹ́ lè fà lọ, a jẹ́ pé ilẹ̀ kò tẹ́ nìyẹn.

`fe` ni òṣùwọ̀n àkọ́kọ́, `re` ni èkejì. Ilẹ̀ títẹ́ ni ìgbàgbọ́ pé àdámọ́ kò bá ohun tí à ń wọ̀n tan. Jerry Hausman ló gbé àyẹ̀wò yìí kalẹ̀ ní ọdún 1978. Ohun tó fi mú ọgbọ́n náà rọrùn ni ọ̀nà tó gbà mọ bí gbígbọ̀n ṣe lè fa ìyàtọ̀ tó: bí ilẹ̀ bá tẹ́, tí `re` sì ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ dé ojú ìwọ̀n, iyèméjì tó wà nínú ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì kò ju iyèméjì `fe` lọ lẹ́yìn tí a bá yọ ti `re` kúrò nínú rẹ̀. Fún ohun kan ṣoṣo, ìṣirò rẹ̀ rèé:

```
H = (b_fe - b_re)^2 / (se_fe^2 - se_re^2)
```

`b` ni iye tí a rí, `se` sì ni ìwọ̀n iyèméjì tí kọ̀ǹpútà máa ń kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

## Ẹ jẹ́ ká ṣe é lórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́

`fe` sọ 0.0800, ìwọ̀n iyèméjì rẹ̀ sì jẹ́ 0.0193. `re` sọ 0.1061, iyèméjì tirẹ̀ jẹ́ 0.0179. Ẹ ṣàkíyèsí pé ti `re` kéré jù, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Ìyàtọ̀ láàárín iye méjèèjì jẹ́ 0.0261. Ní ti iyèméjì, a ó sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan di ìlọ́po ara rẹ̀: 0.000372 àti 0.000320. Bí a bá yọ èkejì kúrò lára àkọ́kọ́, 0.000052 ló kù, gbòǹgbò rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí 0.0072. Nítorí náà, gbígbọ̀n lásán lè mú kí àwọn méjèèjì fi nǹkan bí 0.0072 yàtọ̀. Ṣùgbọ́n 0.0261 ni wọ́n fi yàtọ̀, ìlọ́po bíi 3.6, èyí tó jẹ́ gbòǹgbò H. Ààlà tí à ń lò fún ìdá 5 nínú 100 ni 1.96. Bí a bá kọjá rẹ̀ ni p máa ń kéré sí 0.05: p ni bó ṣe ṣeé ṣe tó kí gbígbọ̀n lásán fa ìyàtọ̀ tó tóbi tó báyìí bí ilẹ̀ bá tẹ́. A ti kọjá ààlà, a kò tilẹ̀ sún mọ́ ọn mọ́.

Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìgbéyàwó, pẹ̀lú 0.0467 (0.0183) àti 0.0640 (0.0168), ẹ ó rí nǹkan bí 2.4. Òun náà kọjá. Ilẹ̀ kò tẹ́: àwọn tó wà nínú ẹgbẹ́ àti àwọn tó gbéyàwó jẹ́ irú èèyàn tí ì bá gba owó tó pọ̀ jù bó ti wù kó rí. Ìdá 8 ni mo lè fọwọ́ sọ̀yà fún ju ìdá 10 àbọ̀ lọ, ìdá 18 kò sì sí nínú ọ̀rọ̀ mọ́.

## Bí p bá wá tóbi ju 0.05 lọ ńkọ́?

Níbí ni àṣìṣe ti pọ̀ jù lọ. P tó tóbi kò fi hàn pé ilẹ̀ tẹ́. Ohun tó ń sọ ni pé a kò rí ẹ̀rí tó tó láti sọ pé kò tẹ́. Bí ọdún tí ẹ ní bá kéré, tí àwọn tó yí padà láàárín rẹ̀ sì jẹ́ ìba díẹ̀, abẹ́rẹ́ `fe` yóò máa gbọ̀n jìnnìjìnnì. Nígbà náà, ìyàtọ̀ ńlá lè wà láàárín iye méjèèjì kí p sì ṣì tóbi. Nítorí náà, kí ẹ tó wo p, ẹ wo iye méjèèjì fúnra wọn. Bí `fe` bá sọ 0.02, tí `re` sọ 0.15, tí p jẹ́ 0.20, ẹ má ṣe sinmi lé `re`. Àkọsílẹ̀ yín ni kò tó.

Àpẹẹrẹ ibi tí p ti tóbi, tí iye méjèèjì sì sún mọ́ra, wà nínú àkọsílẹ̀ Grunfeld, tí ẹni tó bá ń kọ́ ètò kọ̀ǹpútà R yóò ti rí. Ilé iṣẹ́ ńlá 10 ní Amẹ́ríkà ni, General Motors wà lára wọn, láti 1935 sí 1954. Owó tí wọ́n ń ná sórí ẹ̀rọ àti ilé iṣẹ́ tuntun ni à ń wá ìdí rẹ̀. Fún iye tí ọjà gbé lé ilé iṣẹ́, `fe` sọ 0.1101, `re` sọ 0.1098. Fún ohun ìní tó ti wà nílẹ̀, 0.3101 àti 0.3081. P jẹ́ 0.31. Níbi yìí, kò sí ohun tí èèyàn fẹ́ jà lé lórí, èyí tó bá wù yín ni kí ẹ mú. Ohun kan ló sì fà á tí wọ́n fi jọra tó bẹ́ẹ̀: àwọn ilé iṣẹ́ náà yàtọ̀ síra gidigidi, ọdún 20 sì pọ̀, nítorí náà `theta` gùn dé 0.86. `re` ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di `fe` kí ẹnikẹ́ni tó dán an wò.

## Ibo ni àyẹ̀wò náà ti ń dani láàmú?

Nígbà mìíràn kọ̀ǹpútà á kọ H tí iye rẹ̀ jẹ́ ti òdì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí wọ́n máa bi. Iye onílọ̀ọ́po ara rẹ̀ kò lè jẹ́ òdì. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ìyọkúrò tó wà nísàlẹ̀ ìṣirò náà ti bà jẹ́. Ìyọkúrò yẹn tọ̀nà kìkì bí `re` bá ń ṣiṣẹ́ dé ojú ìwọ̀n. Ṣùgbọ́n owó èèyàn kì í gbọ́ràn bẹ́ẹ̀: ọdún tí nǹkan bá dára fún un, oore náà máa ń bá a wọ ọdún kejì. Èyí ni a fi ń ṣe iyèméjì ní ìṣùpọ̀, èèyàn kọ̀ọ̀kan ní ìṣùpọ̀ tirẹ̀. Ìṣirò Hausman ti àtijọ́ kò mọ bí a ṣe ń ṣe ìyẹn.

Pàkúté kejì wà nínú àwọn òpó ọdún. Nínú àwọn ọkùnrin wa, iye ọdún lẹ́nu iṣẹ́ ń fi ẹyọ kan pọ̀ sí i fún gbogbo wọn lọ́dọọdún, nítorí náà `fe` kò lè yà á sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn òpó `d81` sí `d87`, tó ń sọ ọdún tí ìlà kọ̀ọ̀kan jẹ́. Nínú `fe`, àwọn òpó náà gbé ẹrù méjì. Nínú `re`, ẹyọ kan. Ẹni tó bá ní kí kọ̀ǹpútà fi gbogbo òpó wé ara wọn ti fi ohun méjì tí ìtumọ̀ wọn yàtọ̀ wéra, p tó bá sì jáde kò níláárí.

Ọ̀nà kan wà tó yẹra fún pàkúté méjèèjì, Yair Mundlak ló kọ ọ́ ní ọdún 1978 kan náà. Ẹ wá ìpíndọ́gba ọkùnrin kọ̀ọ̀kan fún ohun tó ń yí padà, ẹ fi kún `re` bí òpó tuntun, kí ẹ sì bèèrè bóyá àwọn òpó tuntun náà jọ jẹ́ òdo. Ní Stata:

```
xtset nr year
foreach v in union married expersq {
    bysort nr: egen m_`v' = mean(`v')
}
xtreg lwage union married expersq exper educ black hisp ///
    d81-d87 m_*, re vce(cluster nr)
test m_union m_married m_expersq
```

Bí àdámọ́ kò bá bá ohun tí à ń wọ̀n tan, ìpíndọ́gba wọ̀nyẹn kò ní ohun tí wọ́n fẹ́ sọ. Bí `test` bá kọ̀ láti gbà pé òdo ni wọ́n, ilẹ̀ kò tẹ́. Ẹ ó tún rí ohun kan tó dùn mọ́ mi nínú ìlànà yìí: iye tó wà níwájú `union` àti `married` yóò jẹ́ ti `fe` gẹ́lẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé `re` ni ẹ tẹ̀.

## Ṣé `fe` ti wá parí gbogbo ìṣòro?

Rárá o. Ohun tí kì í yí padà nìkan ló lè yọ. Bí ọkùnrin kan bá kọ́ iṣẹ́ tuntun ní 1984, tí ìyẹn gbé owó rẹ̀ sókè tó sì gbé e wọ ilé iṣẹ́ ẹlẹ́gbẹ́ lọ́dún kan náà, `fe` yóò ka gbogbo rẹ̀ sí ẹgbẹ́ lọ́rùn.

Òmíràn tún wà tí àwọn èèyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ. Bí akọ̀wé bá ṣèèṣì fi àmì sí “kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́” lọ́dún kan, nínú ìpapọ̀ lásán, àṣìṣe kan láàárín 4,360 kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n àwọn tó yí padà nìkan ni `fe` ń tẹ́tí sí, àṣìṣe akọ̀wé sì jọ ìyípadà lójú rẹ̀. Ẹni tí kò kúrò nínú ẹgbẹ́ ni a ó kà sí ẹni tó jáde, owó rẹ̀ kò sì ní dín kù, nítorí náà èsì yóò máa fà sí òdo. Apá kan nínú ìwálẹ̀ láti ìdá 10 àbọ̀ sí ìdá 8 lè ti ibẹ̀ wá, Hausman kò sì lè sọ fún wa èwo ni ti akọ̀wé, èwo ni ti àdámọ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ní láti padà sínú àkọsílẹ̀, kó ka iye àwọn tó jáde fún ọdún kan péré tí wọ́n sì padà wọlé, kó wò ó bóyá wọ́n yí ibi iṣẹ́ padà ní ọdún náà.

Ní ti ilé ìwé, ọ̀nà Mundlak yóò dá nọ́ńbà rẹ̀ padà fún yín sórí tábìlì. Ẹ má ṣe rò pé ó ti bọ́ lọ́wọ́ àdámọ́ bíi ti `union`. Ìyàtọ̀ láàárín ènìyàn àti ènìyàn nìkan ló ti wá, torí kò sí ọkùnrin kan nínú wọn tí a rí ní ọdún tó ní ẹ̀kọ́ púpọ̀ àti ní ọdún tó ní díẹ̀. Bí ẹ bá fi méjèèjì sínú tábìlì kan, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ rẹ̀ pé irú ìfiwéra tí wọ́n ti wá kò jọra.